Oògùn oorun kí ọmọ tó ṣe àyẹ̀wò etí: ṣé nílé ni kí n ti fún un?

Ìyá Àyìnkẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí sì ni. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta, kò tíì sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, bí a bá sì pè é láti ẹ̀yìn, ó máa ń pẹ́ kó tó bojú wẹ̀yìn. Dókítà tó rí i níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò etí ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá ń sùn. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n fún wa. Ẹni tó bá wa ṣètò rẹ̀ fún mi ní ìgò kékeré kan tí wọ́n kọ kílóràlì háídíréètì sí lára, ó ní kí n fún un ní ṣíbí méjì bí mọ́tò bá ti ń kúrò ní gáréèjì, kó lè ti sùn lọ kí a tó débẹ̀. Kílò 12 lọmọ náà wọ̀n. Mo fi oògùn náà kan ahọ́n, ó korò, ó sì ta mí lọ́fun. Ṣé kí n fi nǹkan dídùn pò ó ni? Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Bàbá Káyọ̀dé

Ìyá Àyìnkẹ́, ẹ má jáyà. Oògùn àtijọ́ ni kílóràlì, ó ti wà kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wa, kì í sì í tètè dí èèyàn lémìí bí àwọn abẹ́rẹ́ ìsinsìnyí. Ẹ fi omi ọsàn pò ó, ẹ fún un nínú mọ́tò, ẹ jẹ́ kó sùn. Èmi ò tiẹ̀ wá nǹkan tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Fẹ́nágàn ni mo máa ń fún àwọn tèmi bí a bá ń lọ Èkó, wọn kì í jí títí a ó fi dé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Arówómọ́lẹ̀

Ìyá Àyìnkẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un nílé, ẹ má sì fún un nínú mọ́tò. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ mi, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi fún ọmọ tí ò lóǹkà ní oògùn yìí.

Bí ọmọ bá mu ún, á tó bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó tó máa tòògbé. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tó mu ún ni oorun náà wúwo jù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ẹ bá fún un ní gáréèjì ní aago méje, inú mọ́tò ni oorun náà ti máa wúwo jù, bóyá ẹ ò tíì kọjá Ọ̀yọ́. Ta ló ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ́wọ́ níbẹ̀? Ta ló ń wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò? Ọmọ tó mu oògùn oorun kò rí bí ọmọ tó sùn fúnra rẹ̀. Orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ á kan àyà, ahọ́n á rọ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà ọ̀fun á sì pa dé. Ọmọ tó sùn fúnra rẹ̀ á ta gìrì, á yí orí padà. Eléyìí kò ní yí i. Kò ní sunkún, ẹ̀yin náà á sì máa yọ̀ pé ó sùn dáadáa.

Ní ọdún 2000, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí oògùn oorun ti ṣe ọmọdé ní jàǹbá jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí àwọn ọmọ tó kú nínú mọ́tò tàbí nílé, àwọn kan nítorí pé òbí ló fún wọn ní oògùn kí wọ́n tó gbéra, àwọn mìíràn nítorí pé wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé kí oògùn tó kúrò lára. Láti ìgbà náà ni òfin tí àwọn dókítà ọmọdé tibẹ̀ kọ ti sọ ọ́ gbangba pé ibi tí wọ́n ti máa ṣe àyẹ̀wò ni kí ọmọ ti mu ún, lójú ẹni tó mọ ohun tó máa ṣe bí èémí bá dúró.

Ohun kejì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, tí wọ́n pè yín wọlé ní aago mọ́kànlá, oorun náà á ti ń fúyẹ́. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan orí rẹ̀ láti lẹ wáyà, á jí. Wọn á wá fún un ní òmíràn lé èyí tó ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ wá dá mi lóhùn: ṣé ọmọ náà máa ń hanrun?

Ìyá Àyìnkẹ́

Há! Mà, ó máa ń hanrun bí àgbàlagbà. Ẹnu rẹ̀ kì í pa dé lóru. Nígbà mìíràn ohùn náà á dá wáí, á wá fà á lójijì bí ẹni tó jáde nínú omi. Ìyá ọkọ mi ní bàbá àwọn ló fi jọ. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni?

Ṣadé Ọjà Jagun

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lèèyàn ti lè rí kílóràlì yìí rà? Ọmọ mi oṣù mẹ́jọ kì í sùn lóru rárá, ó ti sọ mí di òkú ọ̀sán. Ṣé ìlàjì ṣíbí á tó o?

Apòògùn Sábó

Ìyáàfin Ṣadé, kì í ṣe fún ọmọ tó ń jí lóru. Ẹ má wá a rárá. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tiyín síbòmíràn, a ó bá yín gbé e yẹ̀ wò, torí ọmọ oṣù mẹ́jọ tí kì í sùn lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ etí tó ń dùn ún, ó sì lè jẹ́ pé bí ọmọ ọjọ́ orí yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Àyìnkẹ́, mo fẹ́ mọ ohun tó wà lára ìgò yẹn. Yàtọ̀ sí orúkọ, ṣé wọ́n kọ iye mílígíráàmù tó wà nínú mílílítà márùn-ún?

Ìyá Àyìnkẹ́

Rárá, sà. Orúkọ oògùn, orúkọ ọmọ, àti “ṣíbí 2”. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́.

Apòògùn Sábó

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Oògùn yìí kì í sábà ti ilé iṣẹ́ ńlá wá mọ́, apòògùn ló sábà máa ń pò ó, kálukú ló sì ní bó ṣe ń pò ó. Mo mọ èyí tó ní mílígíráàmù 500 nínú mílílítà 5. Mo sì mọ èyí tó jẹ́ 143 péré nínú mílílítà 5. Àwọ̀ wọn lè jọra, ìgò wọn sì lè jọra.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ yín ṣe é. Ohun tí ìwé oògùn àwọn ọmọdé ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà láàyè ni mílígíráàmù 30 sí 50 fún kílò kan, kí ó má sì ju 1000 lọ lápapọ̀. Ọmọ kílò 12, ní 50 fún kílò kan, ó jẹ́ 600. Wọ́n gbà pé ó lè gòkè dé 100 fún kílò kan, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣọ́ èémí rẹ̀ nìkan, kò sì gbọdọ̀ kọjá 2000 bó ti wù kí ọmọ náà tóbi tó.

Ṣíbí méjì jẹ́ mílílítà 10, bí ṣíbí náà bá jẹ́ ti oògùn. Bó bá jẹ́ èyí tó lágbára ni wọ́n fún yín, ṣíbí méjì jẹ́ 1000, ìyẹn mílígíráàmù 83 fún kílò kan, nínú mọ́tò, fún ọmọ tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá lójú oorun. Bó bá jẹ́ èyí tí kò lágbára, ṣíbí méjì náà jẹ́ 286, kò tó 24 fún kílò kan, ó ṣeé ṣe kó má sùn rárá. Ẹ ó wá wò ó pé kò sùn, ẹ ó fi ṣíbí kan kún un. Ìgò kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà lára rẹ̀, ọ̀kan lè má ṣe nǹkan kan, èkejì lè dá èémí dúró. Ṣíbí ilé ìdáná sì tún nìyẹn, kò sí méjì tó gba ohun kan náà.

Ẹ gbé ìgò náà pamọ́ síbi tí ọmọ kò ti lè dé. Ẹ mú un dání lọ ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má ṣí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Arówómọ́lẹ̀

Ó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an, Ìyá Àyìnkẹ́. Ọmọ tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá, bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ tàbí ẹran tó wà lẹ́yìn imú rẹ̀ ló sábà máa ń tóbi jù. Lójú oorun lásán, ara rẹ̀ á jí i díẹ̀ kó lè mí. Èyí tí ẹ pè ní “jáde nínú omi” nìyẹn. Oògùn oorun ló máa pa ìjí yẹn. Ẹ má lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn láìsọ ọ́ fún wọn. Bí foonu yín bá lè ká fídíò, ẹ ká oorun rẹ̀ ní òru òní fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi hàn wọ́n.

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ara mi ń gbọ̀n. Ọdún tó kọjá ni wọ́n fẹ́ ya àwòrán ọkàn àwọn ìbejì mi, wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù mọ́kànlá nígbà náà. Ilé ìwòsàn tí mi ò ní dárúkọ ni. Kílóràlì yìí náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Táíwò mu tirẹ̀, ó sùn, wọ́n ṣe é tán, ó jí, kò sí wàhálà kankan. Kẹ́hìndé bì í. A ò mọ iye tó bì. Lẹ́yìn náà kò sùn, ó ń sunkún, ó ń jà, orí rẹ̀ ń yí bí ẹni tó mu ẹmu. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú wọ́n tún fún un ní odindi. Ó sùn, wọ́n ya á. Ní bí aago kan ọ̀sán ó la ojú, wọ́n ní a lè máa lọ.

Nínú mọ́tò ó tún sùn. A délé ní aago mẹ́ta. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, mo pọ̀n ọ́n kí n lè gbé oúnjẹ kaná. Ìyá ọkọ mi ló kọjá lẹ́yìn mi, ló wò ó pé ètè rẹ̀ ti ń dúdú, ojú rẹ̀ sì rì sínú aṣọ. A sọ̀ ọ́, a gbọ̀n ọ́n, ó fa èémí kan. A gbé e sáré lọ sí kílíníìkì tó wà nítòsí, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó wà láàyè, ó ń sáré káàkiri báyìí. Ṣùgbọ́n títí di òní, ń kò lóye bó ṣe lè la ojú tán kó tún wá rí bẹ́ẹ̀.

Apòògùn Sábó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ. Kílóràlì fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ lára. Ẹ̀dọ̀ á yí i padà di nǹkan mìíràn, nǹkan kejì yẹn ló ń múni sùn, òun ló sì ń pẹ́. Nínú ara ọmọ ọdún kan sí méjì, ó tó bíi wákàtí mẹ́wàá kó tó dín sí ìdajì. Ọmọ tó mu ún ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìdámẹ́rin sì wà ní ìdájí. Fún ọmọ tuntun, ó lè ju odindi ọjọ́ kan lọ kó tó dín sí ìdajì. Tí wọ́n bá fi ariwo, ìnira àti ìmọ́lẹ̀ yí ọmọ ká, á la ojú. Bí ó bá dákẹ́ rọ́rọ́, bíi nínú mọ́tò tàbí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù á tún fà á padà. Ti Kẹ́hìndé sì burú sí i torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ iye àkọ́kọ́ tó kù sínú rẹ̀ kí wọ́n tó da èkejì lé e.

Kò sì sí oògùn tó ń tú kílóràlì. Ti Fálíọ́ọ̀mù ní, ti mọfíìnì ní. Ti kílóràlì, ẹ ó kàn máa bá ọmọ mí títí ara rẹ̀ yóò fi tú u fúnra rẹ̀ ni. Bó bá pọ̀ jù gan-an, ó tún lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Arówómọ́lẹ̀

Ìdí nìyí tí a kì í fi lílà ojú nìkan wọn ìtúsílẹ̀. Àwa a máa gbé ọmọ sí ibi tó dákẹ́, a ò ní fọwọ́ kàn án, a ò ní bá a sọ̀rọ̀. Bó bá wà lójúfò fún ogún ìṣẹ́jú láìsí ẹni tó ń jí i, tó lè jókòó gbé orí rẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e kí ó tó mu oògùn, ìgbà náà ni a tó sọ pé kó máa lọ. Bó bá tún tòògbé, a tún dúró. Àwọn ìyá máa ń bínú sí wa pé mọ́tò á lọ. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò lọ.

Bí ẹ bá wá ń lọ, ẹni méjì ni kó wà nínú mọ́tò, ẹni tó ń wakọ̀ kò lè máa wo ọmọ. Kí ẹni tó jókòó tì í máa gbé àgbọ̀n rẹ̀ kúrò láyà. Ẹ má pọ̀n ọ́n títí di ọjọ́ kejì. Ọ̀kadà kọ́ rárá.

Bàbá Káyọ̀dé

Mo tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Fẹ́nágàn ńkọ́? Oògùn ikọ́ àti ara yíyún ni, gbogbo ilé ló ní i, kò sì sí èyí tó ṣe nínú àwọn ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Arówómọ́lẹ̀

Bàbá Káyọ̀dé, ó yẹ kí inú wa dùn pé kò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2004 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti mú kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára Fẹ́nágàn pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọdọ̀ lò ó, torí èémí àwọn kan dúró, wọ́n sì kú. Òun náà kì í tètè kúrò lára. Kì í sì í ṣe oorun tó ṣeé fọkàn tán: àwọn ọmọ kan á máa ta káàkiri dípò kí wọ́n sùn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a máa ń po pẹ́tídínì, Fẹ́nágàn àti Lágátílì pọ̀ sínú síríńjì kan, a ó gún ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọ bá sùn, ó lè má jí títí di ọjọ́ kejì. Páráádíháídì ńkọ́, tí òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo wọ́ọ̀dù, tó jẹ́ síríńjì onígíláàsì la fi ń fà á torí pé ó ń jẹ onírọ́bà? Gìrì la ń lo ìyẹn fún jù. Mo rántí wọn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n padà.

Bàbá Káyọ̀dé

Mo gbọ́, mà. Àwọn tèmi ti lé lọ́dún mẹ́rin kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn. Mi ò tíì gbà tán pé ó burú fún àwọn ńlá, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó fún ọmọ kékeré.

Olùyẹtí Ìlú Ṣọ̀ún

Iṣẹ́ ayẹ̀wò etí ni mò ń ṣe. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí Ìyá Àyìnkẹ́ kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé dandan ni kó sùn ná. Ọmọ ọdún méjì ó lé lè jókòó sórí itan ìyá rẹ̀, kí wọ́n máa dún ohùn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ohun ìṣeré kan máa tàn nígbàkigbà tó bá yíjú sí ohùn náà. Ó ń sọ púpọ̀ fún wa. Òmíràn wà tí wọ́n máa ń ki rọ́bà kékeré kan bọ ẹnu ihò etí, kì í tó ìṣẹ́jú kan fún etí kan, ó sì ń sọ bóyá omi wà lẹ́yìn awọ etí. Ọmọ tí ẹran ẹ̀yìn imú rẹ̀ tóbi ló sábà máa ń ní omi yẹn, omi náà sì ń dí ìgbọ́ràn. Ó lè jẹ́ ohun kan náà ló ń mú un hanrun tó ń mú un pẹ́ dáhùn.

Bí wọ́n bá wá ní dandan ni wáyà, ẹ jí i ní aago mẹ́rin ìdájí, ẹ má jẹ́ kó sùn nínú mọ́tò, ẹ fún un lóúnjẹ bí ẹ bá débẹ̀, kí wọ́n pa iná yàrá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á sùn fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní bá àwọn tó ní kí a da kílóràlì nù lọ. Lóòótọ́ ni èyí tí wọ́n ń pò ní ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kúrò lọ́jà ní ọdún 2012. Síbẹ̀, fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́ta, tó ní láti dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan, mi ò tíì rí oògùn mímu tó ń ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Mídásóláàmù, oògùn oorun mìíràn, kì í pẹ́, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, á máa mira.

Apòògùn Sábó

Èmi ò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Oògùn tí kò ní èyí tó ń tú u, tó sì ń bá ọmọ dé ilé, ibi tí dókítà tó mọ̀ nípa èémí ti wà ní yàrá kan náà nìkan ló yẹ ẹ́. Mélòó ni irú ibẹ̀ ní àgbègbè wa?

Olùyẹtí Ìlú Ṣọ̀ún

Wọn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí gbogbo ọmọ dúró dè wọ́n, ọdún á gorí ọdún láìmọ̀ pé adití ni wọ́n. Ìyẹn náà ní ohun tó ń bà jẹ́.

Ìyá Àyìnkẹ́

Mo pe àwọn ará Ìbàdàn lónìí. Wọ́n ní àwọn ò mọ ìgò náà rí, àwọn ò sì rán ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ híhanrun, wọ́n ní kí n mú fídíò wá. Wọ́n ní dókítà ọ̀fun á kọ́kọ́ wò ó, wọ́n á fi rọ́bà yẹn wo etí rẹ̀ láìsùn, wáyà sì lè di ọjọ́ mìíràn. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa wakọ̀, èmi àti ìyá ọkọ mi á jókòó sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá yí ọkàn padà tí wọ́n ní kó mu oògùn lọ́jọ́ náà, ṣé ó lè mu ẹ̀kọ láàárọ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà Arówómọ́lẹ̀

Ẹ bi wọ́n léèrè kí ọjọ́ tó pé, torí oúnjẹ fún oorun lásán àti ti oògùn kò rí bákan náà. Bó bá jẹ́ oògùn, ẹ̀kọ tàbí mílíìkì inú agolo kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ṣáájú, ọmú fún wákàtí mẹ́rin, omi lásán fún méjì. Bó bá ti jẹ ẹ̀kọ, ẹ sọ òtítọ́, kí wọ́n sún un síwájú. Ẹ má fi pamọ́ torí owó mọ́tò.

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́

Nọ́ọ̀sì Àgbà, wọ́n ní kí Kẹ́hìndé padà wá ya àwòrán ọkàn náà lóṣù tó ń bọ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà Arówómọ́lẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìgò, ẹ sọ fún wọn pé ó bì í, pé wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì, pé èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nílé, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀ lójú yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè fi fóònù tó ń ṣeré dá a dúró fún àwòrán náà, torí ọmọ tó ti ń sáré kò rí bí ọmọ oṣù mọ́kànlá. Bí wọ́n bá ní dandan ni oògùn, ẹ béèrè ta ló máa jókòó ti orí rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo bó ṣe ń mí lọ. Bí wọn ò bá lè tọ́ka sí ẹni náà, ẹ gbé ọmọ yín.